Mo Gba Ìkúnlẹ̀ Mi Padà

Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ o, ojú kò tì mí láti sọ ọ́. Èmi Julianah, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì n'Íléṣà, ọmọ òṣómàáló, mo wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, mo lọ kúnlẹ̀ bẹ ìyá ẹnìkan.

Nítorí Adétutù ọmọ mi ni. Ìlú ọba ló wà, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Fákúnlé, ọmọ Òṣogbo, ni ọ̀gá tó fi orúkọ iléeṣẹ́ ẹ̀ dúró fún físà rẹ̀. Wákàtí mọ́kàndínlógójì lọ́sẹ̀ ló wà nínú ìwé tí wọ́n fi gba físà ọ̀hún. Irọ́ gbuu! Ó lè fún un ní wákàtí méjìlá lọ́sẹ̀ kan, kó tún wá to ọjọ́ mẹ́rìnlá léra fún un láìsí ìsinmi. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ló ń wẹ arúgbó àkọ́kọ́, aago mẹ́wàá alẹ́ ló ń tẹ́ èyí tó kẹ́yìn sórí ibùsùn. Gbogbo wákàtí tó fi ń jókòó sínú mọ́tò láàárín wọn, wọn kì í kà á mọ́ iṣẹ́. Ìrìn láti ilé kan sí èkejì náà, wọn kì í kà á. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe rósítà wọ́ọ̀dù, ìwé tó ń pín wákàtí iṣẹ́ fáwọn nọ́ọ̀sì, mi ò rí irú ìwà ìkà yìí rí.

Adétutù ò sì lè sọ̀rọ̀. Bí Fákúnlé bá yọ orúkọ ẹ̀ kúrò, ìjọba á fún un ní ọgọ́ta ọjọ́ láti wá ọ̀gá mìíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa bọ̀ nílé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ilé ìyá Fákúnlé rí lẹ́bàá Old Garage. Obìnrin náà ṣèèyàn, ó pe ọmọ ẹ̀ lórí fóònù lójú mi.

"Ẹ sọ fún un pé ìwé ọmọ ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi," ni Fákúnlé wí. "Bí wọ́n bá tún rojọ́, mo máa yọ orúkọ mi."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wákàtí mẹ́rin péré ló fún Adétutù. Ẹ̀bẹ̀ mi ló kó bá a. Mo sunkún.

Adétutù kò sunkún ní tiẹ̀. Ó ti ya fọ́tò gbogbo rósítà láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti bi àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ léèrè. Wọ́n ní ọ̀gá mìíràn tó ní láísẹ́ǹsì láti gba àlejò síṣẹ́ lè fún un níwèé tuntun, pé kó tètè fi ìwé béèrè físà tuntun ránṣẹ́ síjọba kí Fákúnlé tó yọ orúkọ ẹ̀, kó má sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ títí èsì á fi dé. Ilé ìtọ́jú arúgbó kan ti gbà á. Ọjọ́ Ajé ló fi ìwé béèrè náà ránṣẹ́.

Mo ní kó rọra, kó dúró de èsì kó tó fẹjọ́ Fákúnlé sùn.

"Màámi, Bushrah tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lóṣù tó kọjá," ló wí. "Irú rósítà mi náà ni wọ́n gbé fún un. Bí mo bá yọ́ kẹ́lẹ́ lọ, ta ni ó sọ ọ́?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kọ ẹ̀sùn sí Fákúnlé, ó so gbogbo rósítà mọ́ ọn, ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ìjọba. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, Fákúnlé ti yọ orúkọ ẹ̀.

Èsì físà kò tíì dé. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ àwọn baba wa òṣómàáló a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi rí nǹkan wọn gbà, wọn kì í kúnlẹ̀ fún un. Mo gbé fóònù, mo pe ìyá Fákúnlé.

"Ẹ kúulé o, mà. Ìkúnlẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ nílé yín lọ́jọ́sí, mo ti gbà á padà. Ẹ bá mi sọ fọ́mọ yín."