Ọwọ́ Bàbá Lórí Ẹ̀wù Dúdú

Ẹni tó bá jí nǹkan mi, n kì í pariwo olè lé e lórí. Mo máa ń jẹ́ kó gbé e délé ná. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fún àbúrò mi, ọkùnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Afínjú. N kò sì ní tìtorí pé ọmú kan náà la jọ mu kí n wá máa purọ́ pé kò dùn mọ́ mi.

Títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ni bàbá wa fi tọ́ wa. Nígbà tó kú, èmi ni mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Afínjú ń fi fóònù ká mi sílẹ̀ bí mo ṣe ń tú ẹ̀rọ, a sì dá ṣánẹ́ẹ̀lì kan sílẹ̀ lórí ayélujára. Kò tóbi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ló ń wò wá, télọ̀ tí ẹ̀rọ wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìyá Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ni wọ́n ní ká ṣe ẹ̀wù táwọn lè máa wọ̀ ṣiṣẹ́.

Mo wá ya ọwọ́ ọ̀tún bàbá wa, bó ṣe máa ń di abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mú láàárín ìka méjì. Mo kọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún wa sísàlẹ̀ rẹ̀: MÁ FI IPÁ TÚ U. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi yà á. Nígbà tí mo dé orí àtàǹpàkò, mo sunkún.

A ò tẹ ẹ̀wù kankan jọ sílẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé kan wà lórí ayélujára tó jẹ́ pé àwòrán nìkan lèèyàn máa fún wọn. Ìgbà tí oníbàárà bá sanwó ẹ̀wù kan ni wọ́n tó máa tẹ ẹ̀wù kan ọ̀hún, àwọn náà ni yóò sì fi í ránṣẹ́. Ó rọrùn, àmọ́ ó ní èèwọ̀ tirẹ̀. Nínú àwòrán tí mo kọ́kọ́ yà, mo jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ náà máa ṣá díẹ̀díẹ̀ títí tó fi parẹ́ bí èéfín. Lójú fóònù, ó rẹwà dé góńgó. Mo ra ẹyọ kan fúnra mi kí n lè rí i kí n tó tà á, ni ẹ̀wù bá dé pẹ̀lú funfun pàtìpàtì lára ọwọ́, àfi bíi pé ẹnì kan da pàúdà sí i.

Mo kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé. Wọ́n ní lórí aṣọ dúdú, ẹ̀rọ àwọn máa ń kọ́kọ́ tẹ́ ọ̀dà funfun sábẹ́ gbogbo àwọ̀, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ààbọ̀ funfun. Ibi tí àwọ̀ bá ti ń ṣá, funfun ni yóò yọ jáde níbẹ̀. Ni mo bá pa èéfín náà rẹ́, mo fi àmì kéékèèké tó dì dáadáa rọ́pò rẹ̀, èyí tí ojú máa rò lókèèrè pé ó ń ṣá. Mo tún ra ẹyọ kan. Ó jáde bó ṣe yẹ.

Afínjú ò tiẹ̀ yẹ ẹ̀wù méjèèjì wò. Ohun tó sọ kò ju, "Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá jẹ́ pé àwa náà la óò máa ra ọjà wa, ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní òwò?"

Kí a tó ta ẹyọ kan péré, ó ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Ó dá ṣánẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ sílẹ̀, ó wọ bàtà tó ń dán, ó sì kéde pé láìpẹ́ òun yóò máa ta ẹ̀wù ọwọ́ bàbá òun, "àwòrán tí mo fi ọwọ́ ara mi yà," ibi yòówù kí èèyàn wà, yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdúró ni mo wà tí mo fi wò ó tán. Télọ̀ kan wá kọ̀wé sí mi pé, "Ìyá Ẹ̀rọ, àbúrò yín mà mọ àwòrán yà o!" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju olè náà lọ. Mo búra lọ́jọ́ náà pé gbogbo ayé ló máa mọ ẹni tó ya ọwọ́ yẹn, àti pé ojú máa ti Afínjú.

Kọ́kọ́rọ́ àpò fáìlì wa lórí ayélujára, níbi tí àwòrán náà wà, ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lè tì í mọ́ ọn. N kò tì í. Ṣe ni mo kó fáìlì tó dára kúrò níbẹ̀, mo fi eléèéfín sílẹ̀, mo sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí ÈYÍ NI KÁ LÒ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo rí i pé ó ti gbé e. Mo rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò fi yọjú béèrè bóyá kò sí nǹkan. Mo mọ̀ pé kò ní ra ẹyọ kan wò. Afínjú kì í dúró de nǹkan.

Ọgọ́ta ẹ̀wù ló tà lọ́sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni àwòrán ẹ̀wù tó ní funfun pàtìpàtì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé sábẹ́ fídíò rẹ̀. "Àbí ẹ̀tẹ̀ ló mú bàbá yín ni?" Ẹnì kan ló kọ ìyẹn. Ó sáré kọ̀wé sí ilé ìtẹ̀wé. Wọ́n ní ohun tí ẹ̀rọ àwọn bá bà jẹ́ nìkan làwọn ń tún tẹ̀. Bó ṣe fún àwọn ní fáìlì làwọn ṣe tẹ̀ ẹ́, ẹ̀wù tí wọ́n sì tẹ̀ nítorí oníbàárà kan kò ṣeé dá padà. Ìlérí ibi yòówù tó kéde náà tún wá mú un, torí ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ni kò sí nínú ibi tí ilé ìtẹ̀wé ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí. Gbogbo èébú náà ni mo kà. Àwọn tó dùn jù, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ó pè mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe fáìlì yẹn?"

"Fáìlì wo? Ṣebí ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ yà á?"

Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo sì ń kọrin bí mo ṣe ń da epo sí ẹ̀rọ.

Ọjọ́ kẹta sí i, ẹrù kan dé ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ Mọ́mì, ìyá wa, ló wà lára rẹ̀, àdírẹ́sì mi ló wà nísàlẹ̀. Ìlú Mọ́mì kò sí nínú ibi tí ilé ìtẹ̀wé ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí, Mọ́mì sì ti fi tèmi dípò láìsọ fún mi nígbà tí wọ́n ń ra ọjà lọ́wọ́ Afínjú. Ọwọ́ mi kan ọ̀rá náà báyìí, mo ti mọ̀ pé ẹ̀wù ni. Mo tì í sábẹ́ tábìlì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Mọ́mì wọ bọ́ọ̀sì dé. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi ní, "Ẹrù mi dà? Wọ́n kọ̀wé sí mi pé ó ti dé."

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín lómi."

"Omi kọ́ ló gbé mi wá. Mú un wá, jàre."

Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì mi gé ọ̀rá náà, wọ́n tẹ́ ẹ̀wù náà sórí tábìlì bàbá wa. Funfun náà ti gba gbogbo ọrùn ọwọ́. Mọ́mì tu itọ́ sí ìka, wọ́n ń fi í nù ún, wọ́n rò pé ìdọ̀tí ni. Wọ́n nù ún, wọ́n nù ún.

"Kò lọ," ni wọ́n wí.

Lẹ́yìn náà, ìka wọn dúró lórí àtàǹpàkò, níbi àpá tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo fà sí i.

"Ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ wọ bàbá yín lọ́wọ́ níbí, ìwọ lo fà á yọ. Àbúrò rẹ kò tíì mọ̀ ọ́n rìn nígbà yẹn. Àpá náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ kó tó gbọ́n; kò lè mọ ibi tó wà." Wọ́n gbé ojú sókè wò mí. "Ta ló ya ọwọ́ ọkọ mi báyìí?"

Láti ọjọ́ tí mo ti búra ni mo ti ń wá ẹni tí mo máa sọ gbólóhùn yẹn fún.

"Èmi ni mo yà á, Mọ́mì," ni mo wí, n kò sì lè wo ojú wọn.