Ìbéèrè Kọkànlá

Kò sẹ́ni tó ń wọ yàrá tíṣà yìí tí kì í kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ kó tó jáde. Ìwé iṣẹ́ ṣíṣe ló ń ṣe fáwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè, déètì àti àkókò sì máa ń tán lórí ẹ̀. Ló bá lẹ bébà kan mọ́ etí tábìlì. Àlejò o, aládùúgbò o, kí wọ́n ṣáà kọ déètì tàbí àkókò kan sí i ní nọ́ńbà. Òun á sọ ọ́ di ìbéèrè, àwọn ọmọ á fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, àbúrò rẹ̀ obìnrin wọlé. Ọdún mẹ́fà gbáko ni tíṣà àti bàbá wọn fi yan ara wọn lódì. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá, inú ẹ̀ sì ti rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, Bàbá ní kẹ́ ẹ wá rí àwọn kí wọ́n tó gbé àwọn wọ tíátà. Ẹ gba àkókò tí wọ́n dá."

Tíṣà ò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Mo ti gbọ́. Kọ ọ́ síbi bébà yẹn."

Irọ́ ló pa, kò gbọ́ nǹkan kan. Àbúrò rẹ̀ kọ ọ́: 16/3, 9:45 àárọ̀. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà tẹ gbogbo ohun tó wà lórí bébà náà. Ti àbúrò rẹ̀ bọ́ sí ìbéèrè kọkànlá.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó dúró níwájú ọmọ méjìdínlógójì.

"Tí ìṣẹ́jú bá ti kọjá ààbọ̀, aago tó ń bọ̀ lẹ máa dárúkọ, kẹ́ ẹ wá sọ ìṣẹ́jú tó kù kó tó lù." Ó kọ ọ́ sójú pátákó: ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àárọ̀.

Ọmọbìnrin kan nawọ́. "Sà, òní mà ni."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Òní náà ni. Jókòó, kó o kọ ọ́."

Aago ara ògiri ti fẹ́ lu mẹ́wàá nígbà náà.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, bàbá sì jí láyọ̀. Lọ́jọ́ kejì ni tíṣà tó gbọ́, ó sì sáré lọ sílé ìwòsàn. Ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ni àbúrò ti dá tíṣà dúró. "Ilẹ̀kùn ni Bàbá ń wò títí àwọn nọ́ọ̀sì fi ti bẹ́ẹ̀dì wọn lọ. Wọ́n ní kẹ́ ẹ má wọlé."

Ojú ti tíṣà, ló bá yọ ìwé ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan nínú báàgì. "Fi èyí hàn wọ́n. Kí wọ́n lè mọ̀ pé mo fi àkókò náà ṣe ìbéèrè láìmọ̀ ni, kì í ṣe pé mi ò fẹ́ wá."

Àbúrò gbé e wọlé, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde.

"Wọ́n ti kà á. Wọ́n ní kẹ́ ẹ bá àwọn kí bàbá ọmọ tó kọ ọ́, ó kú oríire."

Tíṣà gba ìwé náà. Àmì báírò pupa tòun fúnra ẹ̀ ló wà níwájú ìbéèrè kọkànlá: ọmọ náà gbà á.