Òdo Tí Wọ́n Kọ Síwájú Owó Bodè

Àṣìkẹ́ ni ìyá agbẹ̀bí ní ilé ìgbẹ̀bí tí ìjọ kọ́ sí Ìwòyè-Kétu, lórí ààlà Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ Faransé. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn débi pé àwọn tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ̀bí wọn ti ń wá bímọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kì í jẹ́ kó sùn dáadáa: àwọn ọmọ tó bá dé tí èémí wọn ò já gaara. Ọmọ tí Rọ́fíàt, obìnrin àdúgbò kan, bí tó sì kú wà nínú wọn, lọ́dún tó ṣáájú ọdún tí ìjọba ti bodè. Ilé ìgbẹ̀bí náà ò ní ẹ̀rọ tó ń fún ọmọ ní ọ́síjìn. Ká tiẹ̀ ní wọ́n ní in, iná wo ni wọ́n fẹ́ fi lò ó? Pánẹ́ẹ̀lì sólà wà lórí òrùlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́.

Ẹgbẹ́ kan lókè òkun wá ní àwọn fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n dá iye kan tí gbogbo ìnáwó ò gbọdọ̀ kọjá. Wọ́n tún ní kí wọ́n gba ìwé iye owó lọ́wọ́ ọlọ́jà mẹ́ta lórí ohun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ ẹni tí owó rẹ̀ dára jù.

Cornelius, akọ̀wé owó ìjọ ní Aiyétòrò, ló ń bá wọn ṣe ìṣirò náà. Àṣìkẹ́ ló gbẹ̀bí gbogbo ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bí, nítorí náà kò fẹ́ràn láti bá a jiyàn. Ó sì mọ̀ pé ọ̀kẹ́ ọ̀kẹ́ ni Àṣìkẹ́ ń ka owó, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà nínú ọ̀kẹ́ kan, bí ìyá tó bí i ti ń kà á.

"Màmá, ẹ wò ó," ó ní. "Bátìrì mẹ́jọ. Ará Èkó ní ọ̀kẹ́ méjìléláàádọ́ta. Ti ará Abẹ́òkúta tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòkúmọ́ àbúrò yín ní ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógójì."

"Mo sọ fún ọ. Ọmọ ìyá mi ò lè rẹ́ mi jẹ."

"Kò rẹ́ yín jẹ. Àmọ́ iye tó jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kétu lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ Faransé, nìyẹn. Ará Èkó ti fi owó orí ọjà, fáàtì yẹn, àti owó ọkọ̀ sí tirẹ̀, ẹnu ọ̀nà wa ló máa já a sí. A ò lè fi méjèèjì wéra báyìí."

"Kòkúmọ́ ò ní gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi."

"Owó bodè ńkọ́?"

Àṣìkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Bodè wo, Cornelius? Ilé ìdáná ìyá mi wà ní Nàìjíríà, balùwẹ̀ rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Faransé. Ta ló ń san owó bodè kó tó wẹ̀?"

Cornelius náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe bátìrì náà, pé ó gba Kétu kọjá ò sọ ọ́ di ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọn kì í gba owó bodè lé. Ogún náírà nínú ọgọ́rùn-ún ni owó bodè rẹ̀, orí iye ọjà àti owó ọkọ̀ pa pọ̀ ni wọ́n sì máa gbé e lé. Àwọn owó kéékèèké bodè á tẹ̀ lé e, fáàtì á wá gun orí gbogbo rẹ̀. Nígbà tó rò ó pọ̀ tán, bátìrì Kòkúmọ́ ti lé ní àádọ́ta ọ̀kẹ́, wọn ò sì tíì san owó ajẹ́ẹ̀ntì tó máa bá wọn gba ọjà lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù.

"Tó o bá kọ bẹ́ẹ̀," Àṣìkẹ́ ní, "ẹ̀rọ ọ́síjìn bọ́ sílẹ̀ nìyẹn."

Òótọ́ ni. Ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ̀rọ náà, inú ohun tí wọ́n rí ṣẹ́kù lára bátìrì Kòkúmọ́ ni owó rẹ̀ ti jáde.

"Kọ òdo síwájú owó ọkọ̀. Kọ òdo síwájú owó bodè."

"Bí wọ́n bá ti ọ̀nà ńkọ́, Màmá?"

"Àwọn sójà tì í nígbà kan, ìwọ ò tíì tó nǹkan nígbà yẹn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi tì í, a ò ṣíwọ́ ká máa kọjá."

Cornelius fa ìwé náà sọ́dọ̀. Ó kọ òdo méjèèjì.

Ẹgbẹ́ náà fọwọ́ sí i. Kòkúmọ́ gbọ́, ó fi owó ara rẹ̀ ra bátìrì kalẹ̀. Owó ò tíì dé tí ìjọba fi ti bodè, lóṣù kẹjọ. Kọ́sítọ́ọ̀mù àti sójà kún gbogbo ọ̀nà. Nígbà tó yá, ẹni tó tiẹ̀ fẹ́ san owó bodè kò rí ibi san án, nítorí ọjà kankan ò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́.

Kòkúmọ́ fẹsẹ̀ rìn wá bá Àṣìkẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n dì í mọ́ ọ̀kadà, ní méjì méjì. A ó gba inú oko."

"Cornelius ní ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ni ọ́dítọ̀ ẹgbẹ́ yẹn máa bèèrè. Tí ò bá sí, ìjọ ló máa dá owó padà."

"Láti ìgbà wo ni ìwé ti wọ àárín èmi àti ẹ̀yin?"

Àṣìkẹ́ fà á lọ́wọ́ pé kó jókòó, ó já ọwọ́ gbà.

"Iye tí mo dá fún yín lẹ fi gbowó lọ́wọ́ òyìnbó," Kòkúmọ́ ní. "Ọjà mi lẹ wá ń pè ní fàyàwọ́." Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, kò dágbére.

Cornelius padà sọ́dọ̀ ará Èkó. Ìwé iye owó ti àkọ́kọ́ ti lọ́jọ́ lórí. Nínú tuntun, ọjà ti wọ́n sí i, ìjọba ti gbé fáàtì kúrò ní náírà márùn-ún sí méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, awakọ̀ sì ní kí wọ́n san ti ọ̀nà bodè lọ́tọ̀, torí pé òun ò ní rí epo rà lọ́hùn-ún. Ó di ọ̀kẹ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ẹgbẹ́ náà ní àwọn ò ní fi kọ́bọ̀ kún un, kí wọ́n gé ètò náà kó bá owó mu.

"Ó fi ọ̀kẹ́ mọ́kànlélógún lé ohun tá a kọ. Owó tá a yà sọ́tọ̀ fún ohun àìròtẹ́lẹ̀, ọ̀kẹ́ mẹ́fà péré ni," Cornelius ní. "Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Àṣìkẹ́ mọ ohun tó jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. "Ká yọ bátìrì dípò rẹ̀ ńkọ́, ká fi jẹnẹrétọ̀ tan ẹ̀rọ?"

"Epo wo lẹ máa rọ sí i? Ìjọba ò jẹ́ kí epo dé ilé epo etí bodè mọ́."

Àṣìkẹ́ dá ìwé náà padà síwájú rẹ̀. "Yọ ẹ̀rọ kúrò."

Oyún tún ti wà nínú Rọ́fíàt. Àṣìkẹ́ pè é, ó ní kó lọ dúró sí Aiyétòrò, níbi tí ilé ìwòsàn tó ní ọ́síjìn wà, títí á fi bímọ.

"Ṣebí ẹ ní ẹ̀rọ ń bọ̀?"

"Kò bọ̀ mọ́."

"Màmá, mi ò ní ará ní Aiyétòrò. Ọ̀dọ̀ ta ni mo fẹ́ máa sùn?"

Kò lọ. Bátìrì dé láti Èkó, wọ́n so ó mọ́ sólà, yàrá ìbímọ mọ́lẹ̀ kedere. Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni ìrọbí mú Rọ́fíàt, oṣù rẹ̀ ò tíì pé. Ọmọbìnrin ni. Igbe rẹ̀ ò ròkè, àyà rẹ̀ ń wọnú. Àṣìkẹ́ ń fi ike ìfẹ́mí tẹ atẹ́gùn sí i nímú, ó ń tẹ̀ ẹ́ nínú ọkọ̀ tí wọ́n háyà lọ sí Aiyétòrò, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí àwọn sójà ṣe ń ní kí wọ́n ṣí búùtù níbi kan, tí wọ́n tún ń ní kí wọ́n ṣí i níbi tó tẹ̀ lé e. Wọn ò tíì dé Aiyétòrò tí kò fi sí ohun tó ń tẹ̀ fún mọ́.

Nígbà tí Àṣìkẹ́ padà dé, Rọ́fíàt tí wọ́n fi sílẹ̀ ní yàrá ìbímọ ti rí i lójú rẹ̀. Kò sunkún.

"Wọ́n ní ẹ̀rọ yẹn wà nínú ohun tí òyìnbó fọwọ́ sí."

"Ó wà níbẹ̀."

"Ta ló yọ ọ́?"

Àṣìkẹ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Èmi ni."

Rọ́fíàt kọjú sí ògiri. "Ẹ bá mi pa iná yìí, Màmá. Ó ń ta mí lójú."

Àṣìkẹ́ dìde, ó pa á.