Etí Póò Olóríkunkun

Nígbà tí Olóríkunkun dìde lórí póò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìlà pupa kan ti yí ìdí rẹ̀ po bí ẹni pé wọ́n fi okùn dì í. Kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì sọ ọ́ lórúkọ ìnagijẹ yẹn. Kò sunkún. Ó kàn fi àtẹ́lẹwọ́ gbá póò náà, ó wò ó tìkà-tẹ̀gbin, ó ní, "Kò dáa."

Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ etí póò náà yíká. Òótọ́ lọmọ sọ. Ìlà ike tínrín kan wà lójú ibi tí èèyàn ń jókòó lé, ó mú bí etí ìwé.

Ẹlòmíì ì bá bú ẹni tó ta póò náà, kó sì gbàgbé. Ìyá Olóríkunkun kò lè gbàgbé, torí ayàwòrán ni ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò oníke. Kì í ṣe àwòrán tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri ló ń yà. Garawa, abọ́, ìdérí àti àga ló ń yà lórí kọ̀ǹpútà, kí agérin, ẹni tó ń gé irin, lè mọ ibi tí yóò gé. Irin méjì ni wọ́n ń fi ṣe nǹkan wọ̀nyí, mọ́ọ̀dù lorúkọ rẹ̀. Àwọn irin náà á pa ẹnu dé ara wọn, ẹ̀rọ á fi agbára ti ike tó ti yọ́ sí àlàfo tó wà láàárín wọn, á tutù, irin á ya, ọ̀pá kéékèèké á sì ti ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ibi tí irin méjèèjì ti pàdé kì í ṣàìfi ojú hàn lára ike. Ẹni tó ya póò ilé yìí ti fi ojú ìpàdé náà síbi tí ìdí ọmọ ń gbé.

Ọ̀ràn náà sì dùn ún ju bó ṣe yẹ lọ, torí àwòrán póò gan-an ló wà lórí tábìlì rẹ̀ níbi iṣẹ́, ojú ìpàdé tirẹ̀ náà sì wà lókè etí, síbi kan náà.

Póò yìí ni ọ̀gá fi ń dán an wò. Lọ́dún tó kọjá ó ya ìdérí garawa kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró gbọọrọ bí ògiri, kò fẹ̀ níbì kankan. Ó lẹ́wà lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí irin ya, ìdérí kọ̀, kò jáde. Ọ̀pá tó yẹ kó tì í jáde gún un já bí ẹni gún ewé. Ike a máa sún kì nígbà tó bá ń tutù, a sì máa fún mọ́ irin. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò bá dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnu garawa fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, àárín òun àti irin kò ní í tú. Ọ̀gá kò pariwo. Ó gbé ìdérí tó ti já náà sórí tábìlì rẹ̀, ó ní, "Bí ẹ bá tún ṣe irú èyí lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó padà sídìí bébà àlẹ̀mọ́ra." Ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi àwọ̀ kun orúkọ ọjà. Kò fẹ́ padà síbẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ó fara balẹ̀ lórí póò yìí. Ó jẹ́ kí inú rẹ̀ fẹ̀ lọ sókè, kí ẹ̀yìn rẹ̀ náà fẹ̀ lọ sókè. Iwájú póò, ibi tó yọ sókè kí ìtọ̀ ọmọkùnrin má baà fò jáde, ti kọ́kọ́ nípọn bí àtàǹpàkò, torí ó fẹ́ kí ó lágbára.

Bàbá Irin, àgbà agérin tó ń gé mọ́ọ̀dù fún wọn, rí àwòrán ọ̀hún, ó rẹ́rìn-ín.

"Ayàwòrán, ṣé ọmọ ló máa jókòó lé e ni àbí ìyá ọmọ?"

"Bàbá, ẹ má yọ mí lẹ́nu. Mo ti mọ̀ pé ó pọ̀ jù. Ibi tó nípọn á pẹ́ kó tó tutù."

"Á pẹ́, ojú rẹ̀ á sì jìn bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí ò léyín. Ṣé bó o ṣe fẹ́ kí wọ́n rà á nìyẹn?"

"Mo ti ń gbẹ́ inú rẹ̀ ṣófo láti ìsàlẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ á nípọn bákan náà. Mo wá fi egungun ike tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ dè é lẹ́yìn, èyí tó tín ju ara rẹ̀ lọ."

"Ehn, ó dáa nígbà náà. O ti ń gbọ́ èdè irin bọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn nínú títí ó fi délé.

Ọjọ́ tí ìdí Olóríkunkun pọ́n yìí ló tún dé ibi iṣẹ́, tó jókòó láìmú omi, tó gbé ojú ìpàdé kúrò lókè etí. Etí póò náà tẹ̀ bo ẹ̀yìn, ó sọ̀ wálẹ̀ yíká bí etí fìlà. Ó sọ ojú ìpàdé kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ìdí ọmọ kò ní dé, tí ọwọ́ pàápàá kò ní í tètè kàn. Ó ń wò ó, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ń rò ó pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé òun ṣe é, pé ọmọ kan máa kàn jókòó lórí rẹ̀ níbì kan ni, kò sì ní í dun ún. Ó ṣì ń wò ó lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá wọlé.

"Ṣé ó ti tán?"

"Ó ti tán, ọ̀gá."

"Mo lè jẹ́ kí wọ́n gé e láàárọ̀ ọ̀la?"

"Ẹ lè jẹ́ kí wọ́n gé e."

Ọ̀gá fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí Bàbá Irin lójú ẹsẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ayàwòrán ń fọ abọ́, ìyá rẹ̀ ń nù wọ́n, Olóríkunkun ń wẹ ọmọ láńgidi nínú omi ọṣẹ. Ayàwòrán mú abọ́ ìfọṣọ kan tí etí rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là gbá etí náà mú kó fi kanrìnkàn tẹ̀ lé e yíká. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Etí abọ́ náà ń fẹ̀ síta bó ṣe ń sọ̀ wálẹ̀, bí yẹ̀rì. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, bákan náà ló nípọn láàárín ìka méjèèjì.

Ó tún gbá a mú. Ó wo òkè àjà.

"Kí lò ń wá lábẹ́ abọ́?" ni ìyá rẹ̀ bi í. "Abọ́ tó ti mọ́ látàárọ̀."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un dání."

Ó nu ọwọ́ sí ara aṣọ, ó ṣí kọ̀ǹpútà tó ń gbé wálé. Ó gé àwòrán póò náà sí méjì lójú kọ̀ǹpútà, ó sì sún mọ́ etí rẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn. Etí tirẹ̀ tín bọ̀ nísàlẹ̀ bí ẹnu ọ̀bẹ: inú rẹ̀ ń fẹ̀ síta, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń kó wọlé.

Nígbà tí ojú ìpàdé wà lókè etí, irin ìsàlẹ̀ ló bo ẹ̀yìn etí náà, ó sì tọ́ kí ẹ̀yìn náà máa kéré bọ̀ nísàlẹ̀ kí ó lè yọ. Nísinsìnyí tí ó ti gbé ojú ìpàdé wá sísàlẹ̀, irin òkè ló bo ibẹ̀. Ó yẹ kí ó máa fẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀ ni. Ó ṣí ojú ìpàdé nípò, kò yí ìdagẹ̀rẹ̀ padà. Bí wọ́n bá gé e bẹ́ẹ̀, ẹnu irin òkè á há mọ́ póò lábẹ́ etí, bí òrùka tó ti há mọ́ ìka, ọ̀pá á sì tún gún un já. Ìdérí garawa, ẹ̀ẹ̀kejì.

"Màámi, mo ti bàjẹ́."

"Kí ló bàjẹ́? Ìwọ àbí póò?"

"Póò ni. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n máa lé padà sídìí bébà."

Ìyá rẹ̀ gbé abọ́ sílẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa mọ́ọ̀dù, kò sì díbọ́n pé òun mọ̀. "Ṣé wọ́n ti gé irin ọ̀hún?"

"Àárọ̀ ọ̀la ni."

"Ó ṣì kù, nígbà náà."

Ayàwòrán tún un ṣe kí ọmọ tó sùn. Iṣẹ́ kékeré ni. Bí yóò ṣe sọ ọ́ ló pọ̀. Ó ti sọ fún ọ̀gá pé ó ti tán. Ó lè yọ́ fi àwòrán tuntun rọ́pò èyí tó wà lọ́wọ́ Bàbá Irin, kó sì sọ pé òun kàn tún un dán ni. Ó rò ó bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n bá gé kúrò kò ṣeé dá padà. Bí àwòrán méjì bá wà nílẹ̀, tẹ́nì kan sì mú èyí tí kò yẹ, ta ni wọ́n máa bi?

Nígbà tó dé láàárọ̀, yàrá ọ̀gá ló kọ́kọ́ lọ.

"Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e. Mo ṣe àṣìṣe."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú. "Ẹ sọ pé ó ti tán."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé ojú ìpàdé kúrò níbi tí ìdí ọmọ ń gbé, mi ò sì yí ìdagẹ̀rẹ̀ etí tẹ̀ lé e. Kò ní í jáde. Mo ti ṣe òmíì, òun rèé."

Fóònù tó wà lórí tábìlì dún. Ọ̀gá gbé e, ohùn Bàbá Irin sì dún jáde tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn méjèèjì fi gbọ́ ọ.

"Ọ̀gá, etí póò yìí, abẹ ẹ̀rọ mi ò lè wọ abẹ́ rẹ̀. Mi ò tíì gbé nǹkan kan kúrò. Ẹ bá mi pe Ayàwòrán."

"Ó wà níwájú mi," ni ọ̀gá fèsì. "Òun náà ló ń sọ ọ́ lọ́wọ́."

Ohùn inú fóònù tún dún. "Ó ti ṣáájú mi, àbí? Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá gbé fóònù sílẹ̀. Ó wo àwòrán tuntun náà pẹ́, ó fi bírò tọ etí rẹ̀ wálẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ tilẹ̀ gbé ojú ìpàdé kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀? Ibẹ̀ rọrùn láti gé."

"Ó ń ha ọmọ mi nídìí."

Ọ̀gá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ẹ lọ bá Bàbá Irin, kí ẹ jọ wò ó kó tó fọwọ́ kan irin. Lọ́jọ́ mìíràn, bẹ́ ẹ bá sọ fún mi pé nǹkan ti tán, kó ti tán. Nípa ti bébà àlẹ̀mọ́ra, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí póò yìí ṣe máa jáde."

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán mọ́ọ̀dù náà wò, ayàwòrán dúró ti ẹ̀rọ, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Irin pa ẹnu dé. Ó pẹ́ díẹ̀. Irin ya, ọ̀pá yọ jáde, póò àwọ̀ ewé sì jábọ́ kẹ́rẹ́ sínú àpótí láìjanpata. Bàbá Irin gbé e, ó gbóná sí i lọ́wọ́, ó ń jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì. Ó wo iwájú rẹ̀ lójú iná, kò jìn. Ó fi ìka tọ òkè etí rẹ̀, ibẹ̀ ń dán.

"Ìdí ọba lè jókòó síbí," ló wí.

Ọ̀gá kò sọ pé kó padà síbì kankan. Ó kàn ní kí wọ́n máa ṣe é lọ.

Ọ̀kan lára àwọn póò àkọ́kọ́ yẹn ni ayàwòrán gbé wálé. Ó gbé e síwájú Olóríkunkun, òun àti ìyá rẹ̀ jókòó wò ó. Ọmọ náà yí i po. Ó fi ọwọ́ ra etí rẹ̀, ó rò ó. Lẹ́yìn náà ó gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó dé e sórí bíi fìlà, ó bo ojú àti etí.

"Yéè! Bọ́ ọ, ó máa há!" ni ìyá ìyá rẹ̀ ké.

"Kò lè há, Màámi," ni ayàwòrán wí. Ó na ọwọ́, ó fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó yọ wẹ́rẹ́.