Ẹ̀pà Lílọ̀ Nínú Ògì Balqees

Rùkáyàt ń ṣí ìsọ̀ aṣọ ọmọdé rẹ̀ ní Agric, n'Ìkòròdú, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí èsì Nọ́ọ̀sì Bùnmi láti ilé ìwòsàn wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ohùn ni nọ́ọ̀sì fi ránṣẹ́.

"Ìyá Balqees, ẹ má tíì fún un ní ẹ̀pà lílọ̀ yẹn o. Ọmọ tí ojú rẹ̀ wú nígbà tó jẹ ẹyin, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má bínú, èrò ló pọ̀ jù lánàá."

Rùkáyàt dá ohùn náà dúró láìgbọ́ ọ parí, ó jókòó sórí àpò aṣọ. Àná gan-an ni ìyá ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í po ẹ̀pà mọ́ ògì ọmọ náà ní Ẹ̀pẹ́, Rùkáyàt fúnra rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n ṣe é.

Balqees ti pé ọdún kan àti oṣù márùn-ún. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Àlájà Mùnírátù, ìyá ọkọ yìí, kí wọ́n lè já a lẹ́nu ọmú. Àlájà ní ọmọ náà gbẹ, ẹ̀pà ló máa gbé e dìde. Rùkáyàt béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì sì fi ohùn fèsì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta: "Ó lè jẹ ẹ́. Kó kúnná dáadáa, kí ẹ fi ògì pò ó títí á fi ṣàn. Ẹ má fún un ní oníhóró tàbí èyí tó ki, ó lè há a lọ́fun. Ẹ ṣa èyí tó bu kúrò kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Díẹ̀ lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé oúnjẹ kankan ti jẹ́ kí ara rẹ̀ yọ tàbí kó wú rí?"

Ó lè jẹ ẹ́. Ìyẹn nìkan ni Rùkáyàt gbọ́. Ó ti ń rí ọmọ rẹ̀ lọ́kàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Lójú ẹsẹ̀ ló fi ohùn náà ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló tó rántí ẹyin, tó wá dáhùn ìbéèrè nọ́ọ̀sì.

Ó pe Àlájà.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ ma. Balqees ńkọ́?"

"Ó wà. Ara rẹ̀ yọ pọ́npọ́n lánàá lẹ́yìn tó jẹun, ó sì bì lẹ́ẹ̀kan. Ooru ni. Ó ti rọlẹ̀."

"Ẹ̀pà ni, Màmá! Ẹ má fún un mọ́!"

"Ẹ̀pà kẹ̀? Ó kàn ní láti mọ́ ọn lára ni. Tó bá di ọ̀sán, màá tún…"

Fóònù Àlájà kú. Rùkáyàt pè é lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò wọlé.

Ó ti ìsọ̀, ó gun ọ̀kadà dé ibùdókọ̀ Garage, ó wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Nínú ọkọ̀ ló ti gbọ́ ìyókù ohùn nọ́ọ̀sì: "Tó bá ti jẹ ẹ́, tí ara rẹ̀ sì yọ, ẹ má dán an wò mọ́. Ti ẹ̀ẹ̀kejì lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ bá wú, tí kò lè mí dáadáa, tó ń bì léraléra tàbí tó rọ jọwọrọ, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀."

Oòrùn ti gun orí òrùlé nígbà tó sáré wọ agbo ilé. Àlájà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n ẹja, Balqees wà lórí itan rẹ̀, ṣíbí ògì ti ń lọ sẹ́nu ọmọ. Rùkáyàt kò kí ẹnikẹ́ni. Ó di ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ mú.

"Ìyàwó Ìkòròdú dé!" Ìyá Súbérù, aládùúgbò wọn, pariwo láti ìdí ààrò. "Ẹ wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀tún kò mọ òsì rí!"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ mi lo dì mú?" Àlájà béèrè.

Rùkáyàt kúnlẹ̀, kò sì tíì jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. "Ẹ dárí jì mí, Màmá. Ṣé ó ti jẹ nínú rẹ̀ lónìí?"

"Ṣíbí àkọ́kọ́ rè é, o ò sì jẹ́ kó dé ẹnu. Ọmọ mẹ́fà ni mo tọ́. Ẹ̀pà ni Ìdrís ọkọ rẹ jẹ dàgbà. Ìwọ náà lo sì fi ohùn nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pé ó lè jẹ ẹ́, àbí irọ́ ni mo pa?"

"Ẹ ò purọ́, ma. Èmi ni mi ò tètè sọ ọ̀rọ̀ ẹyin fún nọ́ọ̀sì. Ẹ̀bi mi ni."

Ó gbé ohùn náà sí i létí. Àlájà gbọ́ ọ tán, ó ká ẹ̀wù ọmọ sókè, ó wo ikùn rẹ̀, ó sì gbé ṣíbí sínú abọ́.

"Àmọ́ kò kúkú ṣe é ní nǹkan ńlá lánàá," ó ní, bí Rùkáyàt ṣe na ọwọ́ láti gbé ọmọ náà. "Ṣé torí ìyẹn lo ṣe fẹ́ gbé e lọ? Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kó gbàgbé ọmú."

Rùkáyàt gba ọmọ rẹ̀, ó gbé e pọ̀n.

"Màmá, ọ̀dọ̀ dókítà là ń lọ báyìí, lẹ́yìn náà á bá mi padà sí Ìkòròdú. Tó bá fẹ́ ọmú, màá fún un. Kò sì ní fẹnu kan ẹ̀pà mọ́ títí dókítà á fi ní ó yá, yálà ẹ̀yin lẹ fẹ́ fún un tàbí èmi."