Awọ Tí Wọn Ò Tíì Sanwó Rẹ̀

Ìyá Aláwọ ti dúró níwájú géètì ilé-iṣẹ́ oníbàtà fún wákàtí kan ààbọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tó háyà ń jó epo lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ṣí géètì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti na ìwé ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀ṣọ́ fi ìka tọ́ka sí ìwé mìíràn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin géètì. Ohun tí ìyẹn wí ni pé ilé-iṣẹ́ náà ti wọko gbèsè, pé kóòtù ti yan Alákòóso lé e lórí, àti pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú ohunkóhun jáde níbẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ohun tó jẹ́ tèmi ni mo wá kó," ni Ìyá Aláwọ wí. "Mi ò wá jalè."

"Mo gbọ́, mà. Àmọ́ tí n bá ṣí i fún yín, èmi náà á wáṣẹ́ mìíràn lọ."

Bàbá Ìyá Aláwọ ló dá ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rẹ awọ sílẹ̀, Ìyá Aláwọ fúnra rẹ̀ ló sì jogún kòtò mẹ́sàn-án tí wọ́n ń rẹ ẹ́ sí àti òṣìṣẹ́ mẹ́jọ tó ń jẹun nídìí rẹ̀. Awọ tó wà nínú ilé oníbàtà yìí ló yẹ kó tà kó fi ra awọ tútù tí yóò kó sí kòtò lóṣù yìí. Bí kò bá rí i gbà, kòtò á gbẹ, àwọn òṣìṣẹ́ á sì lọ sílé.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń bójú tó ìwé nílé-iṣẹ́ wọn, sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Òun ló ní kí lọ́yà fi ẹ̀ka keje sínú ìwé àdéhùn lọ́dún méjì sẹ́yìn, láti ìgbà náà ni kò sì jẹ́ kí etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sinmi. Ẹ̀ka náà kò gùn: ọjà yòówù tí wọ́n bá kó wá, ti Ìyá Aláwọ ló ṣì jẹ́, bó tilẹ̀ wà nínú ilé oníbàtà, títí tí oníbàtà yóò fi san owó ọjà náà tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. "Ẹ̀ka keje wà ńbẹ̀."

"Ẹ̀ka keje kọ́ ló ń dúró nínú oòrùn."

Nígbà tó yá, Alákòóso fúnra rẹ̀ jáde wá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń ta ọ̀rọ̀ fún un lọ́wọ́n. Ó mú wọn wọlé, wọ́n jókòó nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti kó gbogbo nǹkan inú rẹ̀ tán àfi tábìlì kan. Ó ka ìwé àdéhùn látòkè dé ìsàlẹ̀, ó wo ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, ó tún kà á.

"Ẹ̀ka yìí dúró," ló wí. "Wọ́n ti fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó gbé ẹrù kankan wá. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìwé owó lẹ tẹ̀ ẹ́ sí lẹ́yìn tí ọjà ti dé, à bá jọ jiyàn. Mi ò bá yín jiyàn."

Àbúrò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ọmọ tó gba ipò kìíní.

"Ó ku kẹ́ ẹ fi hàn mí èwo ni tiyín," ni Alákòóso wí.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Ìyá Aláwọ ti gbé ẹrù wá. Oníbàtà ti san owó márùn-ún àkọ́kọ́ pé. Ìkẹfà tó jẹ́ ọgọ́fà awọ ni kò san. Àmọ́ ọgọ́sàn-án awọ ló wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí, ti àtijọ́ àti ti ìkẹfà lórí ara wọn, gbogbo rẹ̀ pọ́n bákan náà. Èyí tí wọ́n ti san owó rẹ̀ ti di ti ilé-iṣẹ́, báǹkì sì ti gba gbogbo ẹrù ilé-iṣẹ́ ní ìdógò fún owó tó yá wọn.

"Èyí tẹ́ ẹ bá fi hàn pé ó jẹ́ ti ìkẹfà, màá yọ̀ǹda rẹ̀," ni Alákòóso wí. "Èyí tí ẹ ò bá lè fi hàn, mò ń tà á lọ́la, owó rẹ̀ á sì di ti báǹkì."

"Àwọn tí wọ́n ti gé ńkọ́?" ni Àbúrò bèèrè.

"Ìyẹn ti kúrò ní awọ, ó ti di bàtà. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù tí wọ́n jẹ lówó. Mi ò ní tàn yín, ìlà yẹn gùn, ìkòkò ọbẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ."

Ìyá Aláwọ yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Káàdì ọrùn awọ dà?"

Àbúrò wo ilẹ̀. Awọ kọ̀ọ̀kan tó bá jáde nílé wọn ló ní káàdì kékeré tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọrùn rẹ̀, tí nọ́ńbà kòtò àti ọjọ́ wà lára rẹ̀. Bàbá wọn ló dá a sílẹ̀ pé oníbàárà tó bá dá àádọ́ta káàdì padà yóò gba awọ kan ní èènì. Ohun tí bàbá rò ni pé wọn ò ní já káàdì títí wọn yóò fi gé awọ. Àmọ́ onítọ́jú-ẹrù ilé oníbàtà gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọjọ́ tí ẹrù bá dé gan-an ló ń já gbogbo rẹ̀, tó ń fi ránṣẹ́ padà. Àbúrò sì ń fi ẹ̀rín gbà á, ó ń fún un ní èènì.

"Wọ́n wà nínú dúrọ́ọ̀ mi," ni Àbúrò wí. "Ọgọ́fà. Wọ́n pé."

"O ṣeun. O káre. Ọrùn wà níbí, káàdì wà nínú dúrọ́ọ̀."

Inú bí i débi pé ó dìde, ó sì lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí, kó má baà sọ ohun tí kò ní lè kó padà. Ó ń fọwọ́ pa awọ kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tó dé orí ìkejìdínlógún, ó dáwọ́ dúró. Ó mọ ohun tó lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Ì bá dùn mọ́ ọn bó bá jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n.

Awọ tó bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án nínú kòtò á rẹ dénú. Bí a bá gé e, àwọ̀ kan náà ni látòkè dé ìsàlẹ̀. Ìkẹfà yìí, ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló lò. Oníbàtà ló ń kánjú, Ìyá Aláwọ ò sì fẹ́ kí ọjà bọ́ lọ́wọ́ òun, ló bá kó o jáde, ó nu ojú rẹ̀ dáadáa, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá gé irú awọ bẹ́ẹ̀, ìlà funfun kan á là láàárín rẹ̀, bí omi bá sì kàn án, á wú. Awọ inú ẹrù márùn-ún àkọ́kọ́ kò ní ìlà. Ìwé kòtò tó wà nínú àpò rẹ̀, tó ní ọjọ́ ìwọlé àti ọjọ́ ìjáde awọ, á sì jẹ́rìí sí i.

Ó pe àbúrò rẹ̀, ó sọ ọ́ fún un ní bòókẹ́lẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́," ni Àbúrò wí kíá. "Ẹ jẹ́ kí báǹkì kó o. Ta ni á tún ra awọ lọ́wọ́ wa?"

"Kí la ó wá rẹ nínú kòtò, omi lásán?"

Wọ́n ṣì wà lórí ìyẹn nígbà tí Bàbá Oníbàtà wọlé. Òun ló ni ilé-iṣẹ́ náà kí kóòtù tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá Ìyá Aláwọ sì ni láti ìgbà tí obìnrin náà ṣì ń rákò. Ó rọra jókòó lórí àpótí kan.

"Ọmọ mi," ló wí, "má bínú sí mi. Èmi kọ́ ni mo fẹ́ ẹ báyìí. Bàtà tá a ṣe kẹ́yìn ni wọ́n dá padà, gbogbo ẹ̀. Òjò kan péré, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì inú tíì. Oníṣòwò tó ń kó o lọ ní òun ò ṣe mọ́. Ọmọkùnrin mi ló ń lẹ ìsàlẹ̀ bàtà, mo ní ìlẹ̀kúlẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́. Mo lé e jáde níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó búra fún mi, mi ò gbọ́. Oṣù mẹ́ta rèé tí kò gbé fóònù mi."

Ìyá Aláwọ ò lè gbójú sókè. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó bínú sí òjò, ó bínú sí káàdì, ó bínú sí ẹ̀ka keje tí ìbá má sí, kó lè lọ sílé bí àwọn yòókù tí wọ́n jẹ lówó kó sì máa sunkún tirẹ̀. Bó bá dákẹ́, awọ lọ nìyẹn, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́jọ lọ, bàbá yìí á sì máa rò títí láé pé ọmọ òun ló ba òun jẹ́. Ó rántí pé ẹni tó bá bí ọmọ ọ̀ràn ló ń pọ̀n ọ́n.

"Ẹ bá mi pe Alákòóso wá," ló wí. "Kó mú ọ̀bẹ wá."

Níwájú gbogbo wọn ló ti sọ ọ́ pé awọ òun ni kò rẹ dénú, kò fi epo kankan pa á lára. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gé etí awọ kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́, kò sí ìlà. Ìkejì, kò sí. Ìkẹta, ìlà funfun là láàárín rẹ̀ gbọọrọ. Alákòóso fi ojú ara rẹ̀ wò ó, ó yẹ ìwé kòtò wò, ó yẹ ìwé owó wò, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Wákàtí méjì ni wọ́n fi ṣe é. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló ní ìlà. Onítọ́jú-ẹrù mú ìwé rẹ̀ wá: mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n ti gé nínú ẹrù ìkẹfà. Ó pé ọgọ́fà géérégé.

"Ẹ kó mẹ́tàlélọ́gọ́rin," ni Alákòóso wí. "Mo yọ̀ǹda rẹ̀. Àmọ́ mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ yìí bá ní ẹjọ́ láti bá yín rò lórí bàtà tó wú, iṣẹ́ mi ni láti rò ó."

"Mo mọ̀," ni Ìyá Aláwọ wí. Ó ti ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i nínú kòtò, awọ náà á dára, á ṣeé tà. Kòtò ò ní gbẹ. Ohun tó wá gbà nìyí, ó sì ti rí i gbà.

Àbúrò àti awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Bàbá Oníbàtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa ègé kan nínú àwọn tó ní ìlà funfun, ó nà án sí Alákòóso.

"Ṣé mo lè mú èyí? Mo fẹ́ fi han ọmọ mi ni."

"Kì í ṣe tiwa, bàbá," ni Alákòóso wí. "Àwọn ló ni ín. Ọwọ́ wọn lẹ ó ti gbàṣẹ."

Bàbá Oníbàtà yípadà. Láti kékeré Ìyá Aláwọ, 'ọmọ mi' àti 'ìwọ' ló ń pè é, kò fìgbà kan pè é ní nǹkan mìíràn. Ó ṣí fìlà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló wí, "ṣé ẹ lè fún mi?"