Àtẹ̀gùn Kẹta

Àtẹ̀gùn mẹ́wàá ló wà láti ẹnu ọ̀nà alágbàfọ̀ dé ojú títì. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni yàrá náà wà. Láti ojú fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo, bàtà àwọn tó ń kọjá nìkan lèèyàn ń rí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló gba yàrá náà kí ó tó kú. Nígbà tí ó kú, alágbàfọ̀ di ẹrù tirẹ̀, ó kó wá síbẹ̀, nítorí ọmọ tí àbúrò náà fi sílẹ̀. Ó ní kí ọmọ má pàdánù ìyá kó tún pàdánù ibùsùn. Oṣù mẹ́fà ti kọjá, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, á kọ́kọ́ fa ọmọ mọ́ra. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ọ̀kùn, á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ọmọbìnrin ni ọmọ náà, ó ti pé ọdún mẹ́rin. Tíntín ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí ara rẹ̀ kéré. Ẹnu rẹ̀ ni kò kéré. Òun náà ti fún alágbàfọ̀ lórúkọ: Màmá Áyọ́ọ̀nù.

Tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń gbé lókè wọn, ló máa ń mú Tíntín bọ̀ wálé lọ́sàn-án. Òun ló sọ fún alágbàfọ̀ pé ọmọ náà ń fo ẹ̀ta bó bá ń ka nǹkan.

"Ní gbogbo ìgbà ni, Màmá. Ení, èjì, ẹ̀rin. Bí mo bá ní kó sọ ẹ̀ta, á wò mí bíi pé mo bú u."

"Kí la ó wá ṣe sí i? Èmi ò kàwé débì kan. Ìwé kẹrin ni mo ti sá."

"Ta ló ń béèrè ìwé lọ́wọ́ yín? Ilé yín kún fún ohun èlò!" Tíṣà nàka sí agbọ̀n aṣọ. "Ẹ jẹ́ kó máa bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ kó ìbọ̀sẹ̀ fún un, kó wá ìkejì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó bọ́tìnnì fún un, kó ṣà á ní àwọ̀ àwọ̀. Tó bá ṣe tán, ẹ dà á pọ̀, kó tún ṣà á, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀. Nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan ni o. Bó bá ń kà, kó fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má baà ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá kà á tán, ẹ bi í pé mélòó ni. Kẹ́ ẹ má sì pariwo mọ́ ọn. Eré ni."

"Èmi, pariwo? Ohùn mi ò tó ti ẹ̀fọn."

Bẹ́ẹ̀ ni eré ṣe bẹ̀rẹ̀ nídìí áyọ́ọ̀nù. Ìbọ̀sẹ̀ ò fún Tíntín ní wàhálà rárá. Ó máa ń so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì, á ní, "Ọkọ rèé, ìyàwó rèé." Èyí tí kò bá rí ìkejì, á tẹ́ ẹ sórí ìrọ̀rí, á ní ó ń dúró de ẹnì kan. Bọ́tìnnì ńláńlá ti kóòtù nìkan ni alágbàfọ̀ ń kó fún un, kò sì jẹ́ gbójú kúrò lára rẹ̀, nítorí ẹnu ọmọdé ni àpò rẹ̀. Ọmọ náà á ṣà wọ́n sínú páálí ẹyin, ẹyọ kan sínú ihò kan. Ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣìnà. Ẹnu rẹ̀ ló ń fo ẹ̀ta.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá Tíntín pè lórí fóònù. Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni, ó sì ti fẹ́ ìyàwó mìíràn sí ìlú tó jìnnà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ilé-ẹ̀kọ́ dáadáa kan wà nítòsí wa. Ọmọ tó bá lè ka nǹkan dé ẹ̀wá, tó sì lè ṣa nǹkan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ni wọ́n ń gbà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá wá wò ó fúnra mi. Bó bá mọ̀ ọ́n, màá mú un lọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ dákun, kó ṣì wà lọ́wọ́ yín di ọdún tó ń bọ̀."

"Ó dáa," ni alágbàfọ̀ wí.

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wo ọmọ náà. Tíntín ń ka ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin. "Ení, èjì, ẹ̀rin, àrún."

"Mélòó ni?"

"Márùn-ún!"

Alágbàfọ̀ la ẹnu, ó tún pa á dé. Ọdún kan gbáko ni ẹ̀ta tí ọmọ yìí ń fò yóò rà fún òun. Òun ò purọ́, òun ò jalè. Kí òun ṣáà má ti sọ nǹkan kan ni.

"O káre," ni ó wí. Ó tún gbé áyọ́ọ̀nù lé ibi tó ti lọ̀ tán.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, "O káre." Lọ́jọ́rú, "O káre láé." Tíṣà bi í pé báwo ni eré ń lọ sí, ó ní ó ń lọ, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ó so okùn kan mọ́ ẹsẹ̀ àga méjì, ó kó táwẹ́lì kéékèèkéé márùn-ún sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí ọmọ lè máa fi ṣeré. "Táwẹ́lì márùn-ún ló wà níbẹ̀, ọkọ mi. Lọ mú pẹ́ẹ̀gì márùn-ún wá nínú agbọ̀n, kí o fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan há ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Tíntín fọwọ́ kan pẹ́ẹ̀gì, ó ń sún wọn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. "Ení, èjì, ẹ̀rin, àrún." Ó kó wọn wá. Ó há táwẹ́lì àkọ́kọ́, ó há èkejì, ó há méjì sí i. Ọwọ́ rẹ̀ wá ṣófo. Táwẹ́lì kan ṣì wà nílẹ̀ láìní pẹ́ẹ̀gì.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo abẹ́ àga. Ó lọ gbọn agbọ̀n, ó dojú bolẹ̀, ó rá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí ó fi ku ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì níta.

"Kí lò ń wá?"

"Ìkan sọnù! Márùn-ún ni. Mo kà á!"

"Kò sọnù, jáde wá."

"Ó sọnù!" Ọmọ náà jáde, eruku bo imú rẹ̀, omijé sì ti dà á pọ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá Áyọ́ọ̀nù, ṣé màámi ló wá mú un?"

Alágbàfọ̀ fa áyọ́ọ̀nù yọ kúrò lára iná. Ohun tí kò sọnù ni ọmọ yìí ń wá kiri ilé. Òun tó ń wí pé "O káre" ló sì rán an láti máa wá a. Ó gbé ọmọ lé itan, ó fi etí gèlè nu imú rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa ka nǹkan báyẹn?"

"Màámi. Lórí àtẹ̀gùn."

"Wá fi hàn mí."

Wọ́n jáde. Alágbàfọ̀ kò tíì bá ọmọ náà rin àtẹ̀gùn yìí pọ̀ rí kí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ẹrù aṣọ ló máa ń wà lórí rẹ̀, Tíṣà ló sì ń mú ọmọ bọ̀. Tíntín di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gun àkọ́kọ́. "Ení." Ó gun èkejì. "Èjì." Ẹ̀kẹta ti fọ́ tipẹ́, irin inú rẹ̀ yọ síta, gbogbo ará ilé ló ń fò ó. Ọmọ náà na apá méjèèjì sókè, ó dúró, kí wọ́n gbé e. Alágbàfọ̀ gbé e kọjá. Kò wúwo. Ṣùgbọ́n Tíntín pa ẹnu mọ́ nínú afẹ́fẹ́, ó di èémí mú, ó tilẹ̀ di ojú. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀rin!"

Alágbàfọ̀ jókòó sórí ẹ̀kẹrin.

Àrùn àyà ló pa àbúrò rẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, bí ó bá gbé ife omi pàápàá, á sinmi kó tó sọ̀rọ̀. Kò fo ẹ̀ta. Bí ó bá ti gbé ọmọ kọjá ibẹ̀ ni kò sí èémí tí yóò fi dárúkọ rẹ̀.

"Màámi ò kí ń ka ti ibí," ni Tíntín wí.

"Ó ń kà á. Nínú ni ó ń kà á. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, ọkọ mi." Ó nàka sí ẹ̀kẹta. "Ibí yìí, a ò ní tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ohun tó bá wà, à ń kà á. Gbé ẹsẹ̀ sókè báyìí. Ẹ̀ta."

Ọmọ náà ronú sí i. "Ṣé màámi ò ní bínú?"

"Á dùn mọ́ ọn. Ìwọ ló ní èémí báyìí."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n tún gùn ún. Wọ́n gùn ún títí ẹsẹ̀ alágbàfọ̀ fi ń ro ó. Bàbá kan tó ń kọjá lójú títì bi wọ́n pé ṣé wọn ò mọ ilẹ̀kùn ilé wọn mọ́ ni. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ka ṣíbí, wọ́n ka ife, wọ́n ka ìdérí ìgò. Tó bá ti kan ẹ̀ta, wọn á jọ gbé ẹsẹ̀ sókè. Pẹ́ẹ̀gì márùn-ún pé márùn-ún. Kò sí èyí tó sọnù mọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bàbá Tíntín jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ ti ṣa bọ́tìnnì tán ní àwọ̀, ó sì tún ṣà á ní ìtóbi. Bàbá wá to méje síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. "Kà á fún mi, ìyá mi."

Tíntín nàka. "Ení." Ó sún un. "Èjì." Ó sún un.

Ó dúró. Ó gbójú sókè wo alágbàfọ̀.

Ó rọrùn. Kí òun ṣáà yíjú sí aṣọ ni, kí òun ṣe bíi pé òun ń wá nǹkan. Alágbàfọ̀ ò yíjú. Ó wo ọmọ náà. Lábẹ́ tábìlì, níbi tí ọmọ nìkan ti lè rí i, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrò nílẹ̀.

"Ẹ̀ta!" ni Tíntín pariwo. "Ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje."

"Mélòó ni?"

"Méje."

Bàbá tú wọn ká, wọ́n fẹ̀ kún orí tábìlì. "Báyìí ńkọ́?"

"Méje náà ni! Ẹ ò kúkú fi nǹkan kan sí i."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì fi fìlà nu ojú. Ó to mẹ́wàá, ọmọ kà á dé ẹ̀wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ ti kọ́ ọ yé."

"Òun ló mọ̀ ọ́n," ni alágbàfọ̀ wí.

Aṣọ ọmọ ti wà nínú báàgì láti àná. Ó ti lọ gbogbo rẹ̀ ní áyọ́ọ̀nù, títí kan ìbọ̀sẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò tẹ̀ lé wọn gòkè, nítorí ó mọ ara rẹ̀. Bàbá gbé báàgì, ó di ọmọ lọ́wọ́ mú.

"Ení," ni ó gbọ́. "Èjì. Bàbá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o! Ó ti fọ́. Ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè. À ń kà á ni. Ẹ̀ta!"

Bàtà ńlá kan fo ibẹ̀ kọjá, bàtà kékeré kan gba inú afẹ́fẹ́ tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà. Èje. Ẹ̀jọ. Ẹ̀sán." Ohùn náà ń jìnnà. "Ẹ̀wá!"

Alágbàfọ̀ ṣì dúró, ó tẹ́tí, bíi pé ọ̀kànlá wà.